Ìwé Wọ́ráńtì fún Fóònù Àlòkù: Ohun Tó Yẹ Kó Wà Nínú Rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà oníṣòwò, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Pánsẹ́kẹ̀, Òmídà àti Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta yìí. Ìwé pélébé kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: ìwé tí à ń fún ẹni tó ra fóònù àlòkù lọ́wọ́ wa, tó sọ ohun tí a máa ṣe bí fóònù náà bá yọnu lẹ́yìn tó dé ilé.

Mo dìídì mú fóònù àlòkù, nítorí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ wa. Fóònù tuntun nínú páálí ní ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ Tẹ́kínò tàbí Ìnfíníìsì, Kálíkéà, ilé àtúnṣe wọn, wà tí oníbàárà lè gbé e lọ. Àmọ́ fóònù tí ẹnì kan ti lò lókè òkun, tó gba Ìkẹjà wọlé, tí ìwọ lọ kó wá láti Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì, kò sí ẹlòmíì tí oníbàárà mọ̀ lórí rẹ̀ bí kò ṣe ìwọ. Ọ̀dọ̀ rẹ ló máa gbé e padà sí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò pé a ti yanjú ọ̀rọ̀ náà nípa kíkọ ọ́ sára ògiri pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Mo bẹ̀ yín, ẹ yọ pátákó yẹn kúrò. Òfin àpapọ̀ lórí ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà tí à ń pè ní ti ọdún 2018 sọ pé ẹni tó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, tó ń ṣiṣẹ́, tí kò ní àbùkù, tó sì lè lò fún àkókò tó bójú mu. Òfin yẹn kan náà ní kí á fi han oníbàárà kedere bí ọjà bá jẹ́ àlòkù tàbí èyí tí a tún ṣe, kí á sì fún un ní rìsíìtì. Ẹ̀tọ́ wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí pátákó lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí oníbàárà bá gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń rí sí i, FCCPC, ohun tó wà lára ògiri yín kò ní gbà yín sílẹ̀. Kódà ó lè jẹ́ ẹ̀rí tí wọ́n máa fi mú yín.

Ṣùgbọ́n òfin ò sọ pé kí oníṣòwò máa fi owó ara rẹ̀ tún fóònù tí oníbàárà jù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ṣe. Òfin títà ọjà tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1893 sọ ohun kan tó ṣe pàtàkì fún wa: bí ẹni tó ń rà bá ti yẹ ọjà wò kó tó sanwó, kò lè padà wá fi àbùkù tó yẹ kí àyẹ̀wò yẹn ti fi hàn án bá ẹni tó tà á jà. Ibi tí ààbò wa wà gan-an nìyẹn. Gbogbo ìjà lórí fóònù àlòkù dá lé ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé àbùkù yìí ti wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí a tà á, àbí lẹ́yìn ìgbà yẹn ló dé? Ìwé wọ́ráńtì tí kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn, bó ti wù kí ó gùn tó, kò lè gbà yín. Èyí tó bá sì lè dáhùn rẹ̀ kò nílò kó gùn.

Torí náà, orí káńtà ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ tẹ *#06#, kí IMEI jáde, kí ẹ kọ ọ́ sórí rìsíìtì níwájú rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló máa jẹ́rìí pé fóònù tó gbé padà ni fóònù tí ẹ tà, torí fóònù méjì lè jọra bí ìbejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi síìmù tirẹ̀ sí i, kó pe ẹnì kan, kó gbọ́ ohùn, kí ẹni yẹn náà sì gbọ́ tirẹ̀. Kó ya fọ́tò níwájú àti lẹ́yìn. Kó ki ṣájà bọ̀ ọ́, kó rí i pé iná ń wọlé. Kó di àmì kan mú lójú fóònù, kó wọ́ ọ káàkiri dé gbogbo igun, torí ibi tí àmì yẹn bá ti já bọ́ ni ìka kò ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣí àwòrán funfun láìlábàwọ́n àti òmíì tó dúdú, kí ìlà tàbí àbàwọ́n lè hàn. Bó bá jẹ́ Sámsọ́ǹgì, *#0*# máa ń ṣí ibi àyẹ̀wò lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, níbi tí ẹ ti lè tẹ àwọ̀ kan kó kún ojú fóònù.

Ti Áífóònù tún ní àfikún méjì tí mi ò gbọdọ̀ fò. Ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà General, lẹ́yìn náà About. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ bátìrì tàbí ojú fóònù náà rí, èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó bọ́ sí àsìkò yìí máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ lábẹ́ Parts and Service History. Ẹ fi han oníbàárà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo agbára bátìrì níbi tí wọ́n kọ Maximum Capacity sí. Bátìrì ohun èlò tí a ń lò tán ni. Àwọn tó ṣe Áífóònù fúnra wọn sọ pé bátìrì àwọn tó ṣáájú ti nọ́ńbà 15 yẹ kó ṣì ní 80% lẹ́yìn tí a bá ti gba iná sí i ní kíkún nígbà 500. Nítorí náà, bí ẹ bá ta èyí tó wà ní 83%, ẹ kọ 83% sílẹ̀. Bó bá di 81% lóṣù tó ń bọ̀, kì í ṣe àbùkù. Bó bá ń kú lójijì nígbà tó ṣì ní iná ìdajì, àbùkù nìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa tún un ṣe.

Àmì omi nìkan ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ni ọ̀pọ̀ wa fi ń fìyà jẹ oníbàárà láìmọ̀. Nínú Áífóònù, àmì kékeré kan wà nínú ihò tí síìmù ń gbà wọlé, ẹ lè fi tọ́ọ̀ṣì rí i. Funfun tàbí àwọ̀ fàdákà ni, ó sì máa ń pupa bí omi bá kàn án. Bí oníbàárà bá gbé fóònù padà, tá a wo ibẹ̀ tó pupa, kíá la ti ń sọ pé, “Ẹ ti jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́, wọ́ráńtì ti parí.” Ṣùgbọ́n fóònù tí ẹnì kan ti lò fún ọdún méjì ní ìlú Òyìnbó ni! Ta ló sọ pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ló ti pupa? Bí ẹ kò bá tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ tà á, kí ẹ sì kọ àwọ̀ tó ní sórí rìsíìtì, ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi àmì yẹn mú ẹnikẹ́ni. Èmi gbà pé kò tọ́ rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì máa rí lójú ẹni tó bá fẹ́ dá ẹjọ́ náà.

Gbogbo àyẹ̀wò yìí kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kí oníbàárà buwọ́ lù ú, kí ẹ ya fọ́tò rìsíìtì náà pẹ̀lú fóònù kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ tó kàn ni iye ọjọ́, ibẹ̀ sì ni owó oníṣòwò ti ń jò. Ẹni tí ẹ ń kó ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìkẹjà fún yín ní ọjọ́ méje láti fi dán fóònù wò. Ẹ kó o wálé lọ́jọ́ Ajé. Fóònù náà jókòó sínú gíláàsì yín títí di ọjọ́ Sátidé kó tó tà. Ẹ fún oníbàárà ní ọjọ́ méje tirẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: nígbà tí oníbàárà ṣì wà ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ tiyín lọ́wọ́ ará Ìkẹjà ti pé. Fún ọjọ́ márùn-ún tó kù, ẹ̀yin nìkan lẹ dúró lẹ́yìn fóònù náà, bẹ́ẹ̀ ẹ rò pé ẹnì kan wà lẹ́yìn yín.

Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀ tó ń dí ihò yẹn. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ bá ẹni tó ń tà fún yín dúnàádúrà pé ọjọ́ tí ẹ bá tà á ni kí ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kí IMEI wà nínú àdéhùn náà. Àwọn kan máa gbà fún oníbàárà tó ń rà púpọ̀, àwọn míì á kọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ọ̀nà kejì ni kí fóònù má jókòó lásán sínú gíláàsì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó o dé, ẹ fi síìmù sí i, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì tọ̀sán tòru, kí ẹ gba iná sí i kó kún, kí ẹ lò ó kó kú, kí ẹ tún gba iná sí i. Fóònù tó máa ń gbóná àti èyí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ máa ń lọ yóò fi ara wọn hàn nígbà tí ọ̀nà Ìkẹjà ṣì là fún yín.

Síbẹ̀, àbùkù kan wà tí àyẹ̀wò ò lè rí. Ẹ jẹ́ ká mú un gẹ́gẹ́ bí ẹjọ́, kí a dá a pọ̀. Ká ní tíṣà kan láti Àsẹ̀rò ra Áńdírọ́ìdì àlòkù lọ́wọ́ yín ní 145,000 náírà. Ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò pọ̀, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó buwọ́ lù ú. Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, ó wọlé. “Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá. Ẹ wò ó, mo jí láàárọ̀, mo rí ìlà yìí lójú fóònù.” Ìlà aláwọ̀ ewé kan ló là á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò já bọ́, bó ṣe sọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún fóònù ṣe mọ ìlà yẹn. Ojú fóònù tí ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí iná lẹ́yìn ló máa ń ní in. Ó lè wá láti inú ojú náà fúnra rẹ̀ tàbí láti inú wáyà pẹlẹbẹ tó so ó mọ́ bọ́ọ̀dù. Ìjábọ́ lè fà á, ooru lè fà á, ó sì lè ṣàdédé yọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan. Nítorí náà, kí á tó gba tíṣà yìí gbọ́ tàbí kí á tó jiyàn, ẹ gbé fóònù náà sí ìmọ́lẹ̀. Ṣé gíláàsì là níbikíbi? Ṣé igun kan ti wọnú, tí kò sí nínú fọ́tò tí ẹ yà lọ́jọ́ ọjà? Ẹ gbé e lé orí gíláàsì káńtà tó tẹ́jú: ṣé ó tẹ̀? Ṣé àbàwọ́n dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà tó ń tàn kálẹ̀ bíi tádàwà? Àbàwọ́n bẹ́ẹ̀ ló sábà ń fi hàn pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ tàbí wọ́n jókòó lé e. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ fi hàn án pẹ̀lú sùúrù, ẹ gbé fọ́tò ọjọ́ ọjà síwájú rẹ̀, kí ẹ sọ iye tí àtúnṣe máa jẹ ẹ́.

Ká ní kò sí ọ̀kankan. Ìlà nìkan ló wà lórí ara tó mọ́ pérépéré. Ọ̀pọ̀ ìwé wọ́ráńtì tí mo ti kà ní ìlú yìí máa sọ pé “wọ́ráńtì kò kan ojú fóònù,” tíṣà á sì gbé ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ lọ ilé. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ojú ló gbówó lórí jù lára fóònù, bí ẹ bá sì yọ ọ́ kúrò pátápátá, kò sí wọ́ráńtì kankan tí ẹ fún un. Fóònù 145,000 náírà tí kò pé ogún ọjọ́ tó bàjẹ́ fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́ tó àkókò tó bójú mu, ó ṣòro láti rí ẹni tó máa sọ pé ó pẹ́ tó. Ní tèmi, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, bí kò bá sí àmì pé ó já bọ́, pé ó rí omi tàbí pé wọ́n tẹ̀ ẹ́, oníṣọ́ọ̀bù ni kó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Bí àtúnṣe náà kò bá parí láàárín ọjọ́ méje, tàbí bí àbùkù kan náà bá tún padà wá, kí oníbàárà yan láàárín fóònù míì tó jọ ọ́ àti owó rẹ̀ padà.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ bi mí: níbo ni owó náà ti máa wá? Inú iye tí ẹ fi ń ta ọjà ni. Ká ní ẹ ń ta fóònù 25 lóṣù. Ká ní mẹ́ta padà wá: ojú kan jẹ yín ní 65,000 náírà, ibi ìgbaná kan jẹ 15,000, bátìrì kan jẹ 20,000. Àpapọ̀ rẹ̀ 100,000 náírà. Ẹ pín in sí 25, ó jẹ́ 4,000 lórí fóònù kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ 4,000 sọ́tọ̀ nínú owó gbogbo fóònù tí ẹ bá tà, ẹ tọ́jú rẹ̀ sí àpò míì, ẹ má fọwọ́ kàn án fún ọjà. Àpẹẹrẹ lásán ni iye tí mo dá yìí. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, iye tòótọ́ á sì yọjú. Bí ẹ bá wá rí i pé 4,000 kò tó, ó lè jẹ́ pé ẹni tí ẹ ń kó ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìṣòro, ìwé yín yóò sì fi hàn yín irú fóònù tó ń padà wá jù.

Ọgbọ̀n ọjọ́ tí mo wí yìí kì í ṣe iye tí òfin dá. Èmi ni mo rí i pé ó bá fóònù tí kò tíì gbó mu. Fún èyí tó ti pẹ́ gan-an, tí ẹ ń ta ní owó pọ́ọ́kú, ẹ lè fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, níwọ̀n ìgbà tí oníbàárà bá mọ̀ kó tó sanwó tí ìdí rẹ̀ sì hàn nínú iye tó san. Ohun tí kò tọ́ ni kó jẹ́ pé ìgbà tó gbé e padà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́.

Ohun kan wà tí kò ní iye ọjọ́ rárá. Bí fóònù bá di títì láti òkèèrè nítorí ẹni tó kọ́kọ́ rà á kò san gbèsè rẹ̀ tán, tàbí tí orúkọ ilé iṣẹ́ kan ṣàdédé yọ lójú rẹ̀ pé àwọn ló ni ín, tàbí tó já sí ọjà olè, ẹ dá owó oníbàárà padà, ì báà jẹ́ oṣù karùn-ún. Ẹ ta ohun tí kì í ṣe tiyín láti tà, bí ẹ ò tilẹ̀ mọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ gbé rìsíìtì tiyín lọ sí Ìkẹjà. Ẹni tó bá kọ̀ láti fún yín ní rìsíìtì tó ní IMEI, ẹ má ra fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti ẹni tó kàn yí ọkàn padà, tó ní àwọ̀ rẹ̀ kò wu òun mọ́, kúkúrú ni. Fóònù kò lábùkù, ó sì ti yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀, ẹ kò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Bí ẹ bá fẹ́ bá a pààrọ̀ nítorí àjọṣe, ẹ sọ iye tí ẹ máa yọ sínú ìwé ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bó bá ti sọ fún yín pé fóònù tó lè gba síìmù méjì lòun ń wá, tí ẹ wá ta èyí tó ń gba ẹyọ kan fún un, ìyẹn kì í ṣe ìyípadà ọkàn. Ó sọ ohun tó fẹ́ lò ó fún, ohun tí ẹ fún un kò sì bá a mu. Òfin 2018 fún un láyè láti dá a padà láàárín àkókò tó bójú mu kó sì gba owó rẹ̀ ní kíkún.

Ìwé tí mo ń lò nìyí. Ẹ lè ṣe àdàkọ rẹ̀ sẹ́yìn rìsíìtì yín:

“Fóònù àlòkù ni fóònù yìí. A jọ yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó sanwó, ohun tí a rí wà ní iwájú ìwé yìí: IMEI, agbára bátìrì, àwọ̀ àmì omi, ẹ̀yà tí wọ́n ti pààrọ̀ àti ibi tó ti ha.

Láàárín ọjọ́ méje: bí àbùkù tí a kò kọ sílẹ̀ bá yọ, o lè gba fóònù míì tó jọ ọ́ tàbí owó rẹ ní kíkún.

Láti ọjọ́ kẹjọ dé ọgbọ̀n ọjọ́: a ó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ọjọ́ méje, ojú fóònù àti bátìrì wà nínú rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, tàbí tí àbùkù kan náà bá padà, a ó pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí a dá owó rẹ padà.

Bí fóònù bá di títì nítorí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, a ó dá owó rẹ padà nígbàkúgbà.

A kò ní sanwó àtúnṣe bó bá là, tó tẹ̀, tí omi wọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí o rà á, tàbí tí ẹlòmíì ti ṣí i. A ó fi ohun tí a rí hàn ọ́ kí a tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ìwé yìí kò gba ẹ̀tọ́ kankan tí òfin fún ọ.”

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ń da àwọn kan láàmú, wọ́n ní ó ń ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà. Ilẹ̀kùn náà ti ṣí tẹ́lẹ̀. Kíkọ ọ́ ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ pé ẹ fẹ́ fi ìwé tan òun. Lórí ti pé kí ẹlòmíì má ṣí i, ẹ lẹ sítíkà kékeré tó máa ń ya bọ́ọ́ bí wọ́n bá ṣí i mọ́ ẹnu ibi tí ẹ̀yìn fóònù ti pàdé ara, kí ẹ fi hàn oníbàárà lọ́jọ́ ọjà. Láìsí i, ẹ kò ní ẹ̀rí.

Ó ku ẹni tó rà á lórí Wọ́ọ̀tsáàpù, tí ẹ bá a gbé e fún awakọ̀ ní gáréèjì Kútọ̀ lọ sí Ìlaròó tàbí Ìjẹ̀bú. Ẹni yẹn kò dúró ní káńtà yín, kò yẹ nǹkan kan wò, torí náà ìbuwọ́lù rẹ̀ kò lè jẹ́ ẹ̀rí fún yín. Ẹ ṣe fídíò àyẹ̀wò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí IMEI hàn nínú rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí i kó tó sanwó. Lọ́jọ́ tó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni kí ọjọ́ méje rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí awakọ̀ gbé e. Bí ohun tó rí kò bá sì jọ ohun tó wà nínú fídíò, ẹ̀yin ni kó san owó ọkọ̀ ìpadà.